Ẹni tí mò ń fẹ́ ń ṣiṣẹ́ alẹ́: ṣé kí n lọ dúró dè é lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọ̀la?

Àrẹ̀mú Líídì: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti ń lọ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èmi àti ọmọbìnrin kan ti ń bára wa jáde. Nọ́ọ̀sì ni. Lóṣù yìí, alẹ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni wọ́n fún un. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, ó ní òun wà lọ́fù, mo wá gba tábìlì sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan fún aago 7 alẹ́. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, ó ti ń tòògbé lórí àga. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú u. Lánàá, mo se ìrẹsì, mo dín dòdò, mo gbé e lọ sílé rẹ̀ láago 1 ọ̀sán láìsọ fún un. Mo kan ilẹ̀kùn títí. Nígbà tó ṣí i, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní "ẹ ṣé", ó gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn. Látìgbà yẹn, kò fèsì. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù nírọ̀lẹ́ yìí, àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà lára rẹ̀. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Mo fẹ́ lọ dúró dè é lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn láago 8 àárọ̀ ọ̀la, kí n bẹ̀ ẹ́. Ṣé kí n ra òdòdó dání?

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Àrẹ̀mú, àbúrò mi, má lọ o. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, mo sì mọ bí ara ṣe ń rí láago 8 yẹn. Ó níláti fi àwọn aláìsàn lé àwọn tó ń bọ̀ lójú mọmọ lọ́wọ́, ìyẹn sì lè fà á dé aago 8 ààbọ̀. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni yóò jọ jáde, gbogbo wọn yóò sì rí ọ pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Bó bá tún jẹ́ pé òun ló ń wakọ̀ ara rẹ̀ lọ sílé, gbogbo ìṣẹ́jú tí o bá fi dá a dúró ń mú oorun wọ̀ ọ́ lójú sí i ni. Ẹnìkan ní wọ́ọ̀dù wa sùn lọ lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀, ó lọ kọlu ògiri. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Àkànní Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ọmọ yìí. Òfin ilẹ̀ yìí ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe ju wákàtí 48 lọ lọ́sẹ̀. Bí obìnrin kan bá ń sọ pé iṣẹ́ ni lójoojúmọ́, kí o la ojú ẹ dáadáa.

Àbẹ̀ní Mánṣẹ́sítà: Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ má fi ìyẹn kó ọkàn ọmọ ẹni sókè. Wákàtí 48 yẹn, ọ̀sẹ̀ 17 ni wọ́n ń pín in lé lórí. Ó lè ṣe 60 lọ́sẹ̀ yìí, kó ṣe 36 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí òfin tó rú. Àwa tí a ń gba iṣẹ́ báńkì, ìyẹn àfikún iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, pàápàá, ọ̀pọ̀ wa ló ti fọwọ́ sí ìwé pé a yọ̀ǹda láti kọjá rẹ̀. Owó ilé ìwé àbúrò mi ńkọ́, ta ni yóò san án?

Àkànní Lọ́ńdọ̀nù: Ó dáa, mo gbà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìsinmi wákàtí 11 láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì, ìyẹn wà nínú òfin. Àyè wà fún un láti dáhùn.

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Ó wà. Ẹ jẹ́ ká wá ka ohun tó kù nínú wákàtí 11 yẹn. Bó bá jáde láago 8, kó tó dúró de bọ́ọ̀sì, kó tó délé, aago 9 kọjá. Kó wẹ̀, kó jẹ nǹkan díẹ̀, aago 10 ló máa fi sùn. Láago 4 ìrọ̀lẹ́ yóò dìde, torí aago 6 ààbọ̀ ló ń jáde nílé padà. Wákàtí 6 péré ni, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni ò bá kan ilẹ̀kùn. Ibi tí Àrẹ̀mú ti ṣì í nìyẹn, kì í ṣe ìrẹsì ló bàjẹ́.

Àṣàkẹ́ Glásígò: Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ! Ọkùnrin wọ inú kíṣìnì, ó dín dòdò fúnra rẹ̀, ó gbé e wá bá yín nílé, ẹ ní ó ṣẹ̀. Nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ta ni yóò gbé oúnjẹ wá fún mi? N óò fi ijó gbà á ni.

Àbẹ̀ní Mánṣẹ́sítà: Ẹ̀gbọ́n Àṣàkẹ́, ẹ ẹ̀ ní jó láago 1 ọ̀sán. Aago 1 fún wa dà bí aago 2 òru fún ẹlòmíràn. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti jí ọ lójú mọmọ, oorun kì í fẹ́ padà wá mọ́. Oòrùn ti là, ara ti gbà pé ojúmọ́ ni, o kàn máa dùbúlẹ̀ tí wàá máa wo àjà. Oorun wákàtí 3 ló fi lọ ṣiṣẹ́ alẹ́ àná. Kúlà náà ì bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ó wà níbẹ̀.

Àṣàkẹ́ Glásígò: Kí ológbò aládùúgbò wá jẹ ẹ́? Èmi ò gbà. Ìfẹ́ ni ọmọ yẹn fi ṣe é, ìfẹ́ náà sì ni kí wọ́n fi gbà á.

Àlàbí Hiústìn: Ẹ kú ìjíròrò o. Àrẹ̀mú, ra oògùn oorun fún un, mẹlatóníìnì. Ní Amẹ́ríkà níbí, orí káńtà ni wọ́n ń tà á.

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Àlàbí, kì í ṣe òun ló ní òun ò rí oorun sùn, wọ́n jí i lójú oorun ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí èèyàn tó rí i gbà.

Àlàbí Hiústìn: Ẹ má bínú, mo kà á láìfarabalẹ̀. Ṣùgbọ́n Àrẹ̀mú, gbọ́ tèmi. Mo fẹ́ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn nílùú wa níbí. Ní òru ọjọ́ kan, mo pè é títí, kò gbé e. Mo bá fi ohùn ránṣẹ́, mo bú u, mo ní ọkùnrin mìíràn ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà nínú lọ́kà láti ìrọ̀lẹ́. Láàárọ̀, nínú ọkọ̀ rẹ̀, ló gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá mi jà, kò sì tún pè mí mọ́. Ó ti lọ́kọ báyìí, wọ́n wà ní Dálásì. Àmì kan ṣoṣo lórí Wọ́sáàpù kò fi dandan túmọ̀ sí pé ó kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé orí fóònù rẹ̀ ni.

Àrẹ̀mú Líídì: Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ sọ yìí mú ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Àjọkẹ́, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun wà lọ́fù ní Ajé yẹn. Kí ló dé tó fi ń tòògbé?

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Ìbéèrè gidi nìyẹn. Rótà máa ń kọ Ajé sílẹ̀ bí ọ́fù, torí kò sí iṣẹ́ kankan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n aago 8 àárọ̀ Ajé yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ alẹ́ Àìkú. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí ojú mọmọ kì í sùn tó lọ́jọ́ náà. Yóò sùn bíi wákàtí 3, yóò fi tipátipá dìde, kó lè rí oorun sùn lálẹ́. Nítorí náà láago 7 alẹ́, ó wà níwájú rẹ, ó wọṣọ, ó kun ojú, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú orí mọ́. Pé ó tiẹ̀ wá rárá, ó fẹ́ràn rẹ ni.

Ọ̀sán Ẹtì náà ńkọ́? Wọ́n á ní aago 7 ààbọ̀ alẹ́ niṣẹ́, ó ní àyè láti àárọ̀. Kò ní. Kí alẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé, èèyàn níláti sùn lọ́sàn-án. Alẹ́ mẹ́ta wọ̀nyẹn, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ, Ẹtì títí dé Ajé. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ni kí o bẹ̀rẹ̀ sí í wò, Ọjọ́rú ló sì dáa jù. Bí o bá fẹ́ rí i láàárín iṣẹ́, aago 5 ìrọ̀lẹ́, tíì ife kan nítòsí ilé rẹ̀, kó má ju wákàtí kan lọ. Òun ni kó sì dá ọjọ́ náà, kì í ṣe ìwọ.

Àkànní Lọ́ńdọ̀nù: Èyí wọlé. Ní kó ya rótà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lóṣooṣù, Àrẹ̀mú. Ọ̀rọ̀ tán.

Àbẹ̀ní Mánṣẹ́sítà: Háà, rárá o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré? Rótà máa ń fi wọ́ọ̀dù hàn, ó ń fi hàn ọjọ́ tí ilé ṣófo, ó ń fi hàn òru tí mò ń dá rìn lọ sí ibùdókọ̀. N kì í fún ẹni tí n ò tíì mọ ìdílé rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣí sílẹ̀ nìkan ni kí ó sọ fún un, ìyẹn ti tó.

Àkànní Lọ́ńdọ̀nù: Báwo wá ni ọkùnrin yóò ṣe mọ ẹni tó rẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ mọ́? "Ó rẹ̀ mí" kan náà ni àwọn méjèèjì máa ń sọ.

Àbẹ̀ní Mánṣẹ́sítà: Ẹni tó rẹ̀ máa ń mú ọjọ́ mìíràn dípò. "Kò ṣeé ṣe lónìí, ṣé Ọjọ́rú dáa?" Bó bá fagi lé e léraléra tí kò dárúkọ ọjọ́ kankan, ìgbà yẹn ni kí o mọ̀ pé ó ti lọ.

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ fún un láàyè. Nígbà tí mo wà lórí alẹ́ mẹ́rin tẹ̀lératẹ̀léra, n kì í lè dárúkọ ọjọ́ tí mo wà pàápàá. Ẹ dúró kí ọjọ́ ọ́fù gidi kan kọjá kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Àṣàkẹ́ Glásígò: Bó bá jẹ́ Glásígò ló ń gbé ni, ìyọnu yìí ì bá dín kù. Àwa níbí ń gbọ́ra wa yé.

Àkànní Lọ́ńdọ̀nù: Nínú òtútù yẹn? Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 2016 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lóru Ẹtì àti Àbámẹ́ta. Èèyàn lè lọ wo olólùfẹ́ rẹ̀ láago 3 òru.

Àbẹ̀ní Mánṣẹ́sítà: Ìlà márùn-ún péré nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kò sì dé Pẹ́kàmù tí gbogbo yín ń gbé! Mánṣẹ́sítà ní tírámù, ilé sì dínwó. Líídì ò ní tírámù rárá, ẹ jẹ́ ká bá Àrẹ̀mú kẹ́dùn.

Àrẹ̀mú Líídì: Ẹ fi Líídì sílẹ̀ o, bọ́ọ̀sì wa ń gbé wa débi tí à ń lọ.

Àlàbí Hiústìn: Ohun tí mo máa ń rántí lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́ ni Ìbàdàn láàárọ̀ Àbámẹ́ta. Ìyá alákàrà ti dáná, ògì ń hó, àwọn ará ilé ti jí, kò sẹ́ni tó máa dá nìkan jẹun. Níbí, n óò wọlé, kò sí ẹni tí n óò kí "ẹ káàárọ̀".

Àjọkẹ́ Bìmíńgámù: Má pa mí lẹ́kún, Àlàbí. Ní oṣù Kejìlá níbí, òkùnkùn lo bá lọ síbi iṣẹ́, bóo bá jáde láago 8, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni. Màmá mi nìkan ló máa ń pè mí lásìkò yẹn.

Àrẹ̀mú Líídì: Mi ò ní lọ sí géètì mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ wo ni kí n wá kọ sí i? Kúlà mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ o.

Àṣàkẹ́ Glásígò: Fi kúlà sílẹ̀ ná. Àlàbí, ṣé ẹ ń rí ògì funfun gidi rà ní Hiústìn? Èyí tí wọ́n ń tà fún wa níbí kì í kan.

Àlàbí Hiústìn: À ń rí i, Àṣàkẹ́. Ẹ̀wà pupa nìṣòro wa.