"Kò tọ́ sí yín" nínú lẹ́tà adójútòfò: kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń túmọ̀ lẹ́tà ilé iṣẹ́ adójútòfò kan fún ìdílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọkọ ra adójútòfò ìsìnkú ₦500,000 lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta, ó ń san ₦2,500 lóṣooṣù, àìsàn pa á lógúnjọ́ oṣù kẹfà. Ìwé ní àfi kí oṣù mẹ́fà pé kí wọ́n tó san owó lórí ikú àìsàn, ti ìjàǹbá nìkan ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. ₦10,000 tó ti san ni wọ́n máa dá padà. Mo kọ "owó náà kò tọ́ sí yín", àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n kọ? Kí la sì máa pe oṣù mẹ́fà yẹn?

Olùkọ́ Èdè: Ẹ pè é ní "oṣù ìdúródè". Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ tútù kọ ọ́, "ní báyìí ná, a ò tíì lè san owó náà, ẹ ní sùúrù fún wa." Yorùbá kì í sọ "rárá" gbàrà sójú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Bàbá Akọ̀wé: Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń san owó fáwọn olóòkú, mo sì ti rí ohun tí "a ò tíì" yẹn máa ń dá sílẹ̀. "Tíì" yẹn ìlérí ni. Ẹ bá sọ fún opó pé "ìdúródè", ó máa dúró lóòótọ́, á ka oṣù mẹ́fà láti oṣù kẹta, tó bá wá di oṣù kẹsàn-án á wọ mọ́tò wá, á ti yáwó sórí ìrètí pé owó ń bọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa wá sọ fún un pé ọjọ́ tí ọkọ ẹ̀ kú ló ti parí. Kò sí ìwà tútù nínú ìyẹn rárá.

Ìyá Ìbejì náà rí i bó ṣe yẹ. "Kò tọ́ sí yín" máa ń dún bí ẹni pé ó nawọ́ sí ohun tí kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé jẹ́ ohun tó kùnà, kí ó má jẹ́ opó. Ó lè lọ báyìí:

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ìwé àdéhùn tí ọkọ yín bá wa ṣe ò kó ikú àìsàn mọ́ra kí oṣù mẹ́fà tó pé, oṣù kẹrin tí wọ́n ra á ni wọ́n sì jáde láyé. Nítorí náà, a ò ní san ₦500,000 yẹn, èyí ò sì ní yí padà tí oṣù mẹ́fà bá pé. A máa dá ₦10,000 tí wọ́n ti san padà fún yín."

Ọmọ Ìbàdàn: Tèmi le ju èyí lọ o. Ẹ̀gbọ́n mi kú, wọ́n ní lóònù ẹ̀ ní adójútòfò, a wá ń retí owó, àfi bí lẹ́tà ṣe dé pé wọ́n ti sanwó "fún ẹni tó tọ́ sí". Báǹkì ni! Ìyàwó ẹ̀ rò pé obìnrin mìíràn ló gbówó, ilé fẹ́ẹ̀ dàrú.

Bàbá Akọ̀wé: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Adójútòfò lóònù, gbèsè ló wà fún, báǹkì ló ń gba owó ẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni lẹ́tà yẹn ò kọ: "Báǹkì la san owó náà fún, ẹ ò jẹ gbèsè yẹn mọ́."

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, bàbá. "Ẹ kú ìnáwó" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì sì ni olóògbé.

Olùkọ́ Èdè: Háà! Ẹ yọ ọ́. Òkú àgbà là ń kí báyẹn, ìnáwó ayẹyẹ. Ẹni tó ku ọ̀dọ́, tẹ́ ò sì fẹ́ san owó ìsìnkú ẹ̀, ẹ wá ń kí ìyàwó ẹ̀ kú ìnáwó? Mo gba ti "tíì" náà, mi ò rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà náà ṣì fẹ́ orúkọ, torí ó wà nínú ìwé tí wọ́n ń fún ẹni tó wà láàyè. "Oṣù ìfìdímúlẹ̀" ńkọ́?

Bàbá Akọ̀wé: Ó dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ó ti múlẹ̀. Èmi á kọ "oṣù tí ikú àìsàn ò sí nínú ẹ̀", kó gùn bó ṣe gùn.

Olùkọ́ Èdè: Ìyẹn kì í ṣe orúkọ, àlàyé ni. Mi ò tíì gbà.

Bàbá Akọ̀wé: Kò burú, ẹ má gbà. Ìyá Ìbejì, ẹ bi wọ́n bóyá olóògbé ń ṣiṣẹ́ oṣù. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tí òfin náà bá mú ra adójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún, ìyẹn sì dá yàtọ̀ sí ìwé tiwọn yìí. Kí lẹ́tà sọ pé ìwé yìí nìkan ni òun ń sọ̀rọ̀ lé, kó sì sọ pé wọ́n lè gbé ẹjọ́ lọ sí Náíkọ́ọ̀mù, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, bí wọn ò bá fara mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Awakọ̀ ilé iṣẹ́ ni wọ́n o. Mo ń pe ìyàwó wọn báyìí.