Orí òpó, orúkọ òpó, àbí hẹ́dà? Lórí pípààrọ̀ orúkọ nínú fáìlì CSV ńlá

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mò ń kọ ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń bá wa kó ọ̀rọ̀ jọ. Fáìlì CSV wa ti lé ní gíìgì mẹ́rin, kọ́lọ́ọ̀mù kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ ẹ̀ láì fọwọ́ kan dátà tó wà nísàlẹ̀ àti àwọn àmì àyọlò inú ẹ̀. Kí ni ká máa pe hẹ́dà yẹn, kí ni ká pe àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀, kó lè yé ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà púpọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Àǹtí, kọ́lọ́ọ̀mù ni òpó, hẹ́dà ni orí òpó, ìyókù ni ìlà, ó parí. Iṣẹ́ yẹn gan-an ò le, sed ni kí wọ́n lò, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló máa kàn, kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyókù rárá, kódà bí fáìlì yẹn bá tó ogún gíìgì, wéré ló máa parí.

```
sed -i '1s/ọ̀rọ̀/oro/' akojo.csv
```

Alhaja Alásọ: Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Excel ṣí i o! Àwa nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, orúkọ fáìlì la fẹ́ pààrọ̀ bíi tiyín yìí, akọ̀wé wa wá ṣí i, ó sì séèfù ẹ̀, gbogbo nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 ló di 80. Odindi oṣù kan la fi ń pe àwọn èèyàn tí a ò rí pè.

Bàbá Tísà: Alhaja, orúkọ fáìlì kọ́ ni wọ́n bi wá, orúkọ òpó inú ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Excel rí 080 yẹn, ó ní nọ́ńbà ni, ó sì yọ òdo iwájú dànù. Tèmi ni pé fáìlì Ìyá Ìbejì gan-an lè má wọ inú ẹ̀ tán, torí ìlà 1,048,576 ni Excel lè gbà nínú ojú ewé kan. pandas náà, tí àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́ràn, ó máa ń ṣe irú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ “nà” sínú àkójọ yín ní lẹ́tà ńlá láì fi àmì sí i, tó wá jẹ́ NA, pandas máa ní òfìfo ni. Tó bá tún un kọ sílẹ̀, ibẹ̀ á ṣófo, àwọn àmì àyọlò tí kò pọn dandan á sì ti lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ orúkọ òpó kan ṣoṣo, kó má ṣe gbé fáìlì náà fún ohun tó máa kà á ní òye, kó gbé e fún ohun tó kàn ń da lẹ́tà kọjá bó ṣe wà.

Nítorí náà sed tí Ọmọ Ìjẹ̀bú dárúkọ dáa. Ibi tó ti ṣì í ni “kò ní dé ọ̀dọ̀ ìyókù”. Àyípadà ò ní dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n sed -i á ka fáìlì yẹn láti òkè délẹ̀, á kọ ẹ̀dà tuntun, á wá fi rọ́pò ti àtijọ́. Orúkọ tuntun kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá, gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ sún síwájú nìyẹn. Bí àyè tó ṣẹ́kù lórí dísíìkì ò bá tó gíìgì mẹ́rin, ó máa já sí àárín ọ̀nà.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lẹ ìlà àkọ́kọ́ fáìlì yín síbí.

Ìyá Ìbejì: Òun rèé sà:

```
"id","irú_ọ̀rọ̀","ọ̀rọ̀","ìtumọ̀"
```

Bàbá Tísà: Ó dáa. Ṣé ẹ rí i pé “ọ̀rọ̀” wà nínú irú_ọ̀rọ̀ náà? Òun ló ṣáájú, nítorí náà àṣẹ Ọmọ Ìjẹ̀bú máa sọ ọ́ di irú_oro, ẹni tí ẹ ń wá gan-an á sì jókòó síbi tó wà. Ẹ fi àmì àyọlò méjèèjì kún ohun tí ẹ ń wá, kó lè jẹ́ odindi orúkọ ló máa mú, ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn:

```
sed '1s/"ọ̀rọ̀"/"oro"/' akojo.csv > tuntun.csv
head -n 1 tuntun.csv
cmp <(tail -n +2 akojo.csv) <(tail -n +2 tuntun.csv)
```

Tí cmp ò bá fọhùn, a jẹ́ pé láti ìlà kejì dópin, kò sí báìtì kan tó yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ fo head o, torí bí sed ò bá rí ohun tó ń wá, kò ní sọ fún yín, á da fáìlì kọjá bó ṣe wà, cmp náà á dákẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Bàbá, mo dán an wò lórí ẹ̀dà tèmi, head ṣì ń gbé “ọ̀rọ̀” jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa o, lẹ́tà kan ò yẹ̀.

Bàbá Tísà: Lójú wa ni kò yẹ̀. Ṣe èyí, kó o wo báìtì rẹ̀:

```
head -n 1 akojo.csv | xxd -g 1
```

Bó o bá rí e1 bb 8d cc 80, ọ tó jẹ́ ẹyọ kan ni, tí wọ́n fi àmì ohùn lé. Bó bá jẹ́ 6f cc a3 cc 80, o lásán ni, tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ sí kí wọ́n tó fi ti òkè sí i. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan tún wà tó ń fi ìlà kékeré sísàlẹ̀ dípò àmì tóótó, cc a9 lo máa rí níbẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú, sed ò sì mọ̀ wọ́n ní ọ̀kan. Má tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ, kọ́pì í látinú ohun tí head gbé jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: 6f cc a3 ni mo rí! Mo kọ́pì í, ó ti ṣiṣẹ́, cmp ò sọ nǹkan kan. Ẹ ṣeun bàbá.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn sà. Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí a máa lò. Mo fara mọ́ òpó.

Bàbá Tísà: Èmi náà fara mọ́ ọn, àmọ́ orúkọ òpó ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ orí òpó. Ẹni tí ẹ bá sọ fún pé kó pààrọ̀ orí òpó lè lọ pa gbogbo ìlà àkọ́kọ́ rẹ́. “Ìlà” gan-an ló ń dà mí láàmú. Bí ẹnì kan bá kọ ìtumọ̀ kan tó sì tẹ Enter láàárín àmì àyọlò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo á gba ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Ìlà ni tail àti sed ń kà, ẹni tó bá fi wc -l ka iye ọ̀rọ̀ yín máa rò pé wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dábàá “ẹsẹ” fún dátà, kí “ìlà” wà fún ohun tó parí síbi Enter.

Ìyá Ìbejì: Ẹsẹ á máa mú wọn rántí ẹsẹ Bíbélì àti ẹsẹ Ifá o, bàbá.

Alhaja Alásọ: Èmi ò rí aburú nínú ẹsẹ. Ẹsẹ Ifá náà kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo, ó lè gùn dé ibi tó bá wù ú.

Bàbá Tísà: Ẹ wò ó, Alhaja ti bá mi sọ ọ́. Àmì àyọlò náà ò tẹ́ mi lọ́rùn, ta ni wọ́n ń yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lò níbẹ̀? Bí ọgbà ló rí, ó ń sé kọ́mà mọ́nú kó má di ààlà òpó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: “Àmì ọgbà” ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, àwọn ọmọ wa ti mọ àmì àyọlò láti iléèwé, òun ni mo máa fi sílẹ̀. Orúkọ òpó ti wọlé. Ẹsẹ àti ìlà, mo máa lo méjèèjì nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ kí n rí èyí tí wọ́n máa ṣì lò.

Bàbá Tísà: Mi ò tíì gbà lórí àmì àyọlò o, a ṣì máa padà síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà yín pé kí wọ́n má pa akojo.csv rẹ́ títí head àti cmp á fi jẹ́rìí.