Ímpídánsì ìkáwáyà kan jáde ní òdì, ṣé ó tọ̀nà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣágámù ni mo wà, mò ń ṣírò transfọ́mà onìkáwáyà mẹ́ta kan, 132/33/11 kV. Sítà tó wọlẹ̀ ni méjì àkọ́kọ́; dẹ́tà ni ìkẹta, kò sì gbé iná fún ẹnikẹ́ni. Lórí 60 MVA, ìdánwò 132 sí 33 jẹ́ 12%, 132 sí 11 jẹ́ 20%, 33 sí 11 jẹ́ 7%. Fún 33, mo ro 12 mọ́ 7, mo yọ 20, mo pín in sí méjì: −0.5%! Ṣé torí pé ìkáwáyà 33 ló wà láàárín méjì yòókù ni?

Mo mọ̀ pé hàmóníkì kẹta ń yípo nínú dẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí wáyà 33 kan bá já kan ilẹ̀, ṣé 7.5% tí mo rí fún dẹ́tà lọ́nà ìṣírò kan náà ni kí n so mọ́ ilẹ̀ nínú sákíìtì síkúẹ́ǹsì òdo?