Ajá mi ò yé mumi: ẹ bá mi ka ìwé àyẹ̀wò yìí

Ìyá Bíńgò, Tánkẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 11 ni Bíńgò, kìlò 12. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti ń mumi bíi màlúù tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ikùn rẹ̀ yọ síta, irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti já tán, awọ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé iṣan ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹran ní ó jọ Kúṣìn, àìsàn tí hòmóònù kọ́tísọ́ọ̀lù fi ń pọ̀ jù lára. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gún un ní dẹ́ksà, oògùn tó yẹ kó mú kọ́tísọ́ọ̀lù wálẹ̀, a sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi gba méjì sí i. Kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ 5.2 kí wọ́n tó gún un, 1.1 ní wákàtí 4, 3.4 ní wákàtí 8, gbogbo rẹ̀ ní µg/dL. 1.4 ni ilé àyẹ̀wò fi ṣe ààlà. 1.1 ti bọ́ sábẹ́ ààlà, àbí kò ní Kúṣìn ni?

Ọmọ Ọ̀fà: Kò ní Kúṣìn, mà. Ajá tó ní Kúṣìn, dẹ́ksà ò lè mú kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ wálẹ̀ rárá.

Dókítà Ẹran, Gáà Àkànbí: Ọmọ Ọ̀fà, èyí tí o sọ yẹn, àwọn kan nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Mà, wákàtí 8 la kọ́kọ́ ń wò. 3.4 ju 1.4 lọ, ó bá Kúṣìn mu. Lẹ́yìn náà la ó tó padà sí wákàtí 4, láti mọ ibi tó ti wá. Ó wálẹ̀, ó tún gòkè: ẹṣẹ́ abẹ́ ọpọlọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń gbọ́ràn díẹ̀, ó sì ń ṣorí kunkun padà. Ká ní kò wálẹ̀ rárá ni, a ò lè sọ bóyá ti ọpọlọ ni tàbí kókó orí kídìnrín, àfi ká ya àwòrán ikùn.

Alhaji Ọlọ́dẹ: Dẹ́ksà kẹ̀? Ajá tèmi náà wú bẹ́ẹ̀! Oṣooṣù ni wọ́n ń gún un nítorí yíyún.

Dókítà Ẹran, Gáà Àkànbí: Alhaji, abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló fa tiyín. Àyẹ̀wò yìí kọ́ ló máa fi hàn. Ẹ má sì dá a dúró lójijì o, ẹ jẹ́ kí dókítà máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀mù-Àrán: Tèmi jẹ́ 1.9 ní wákàtí 8, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń kẹ̀ nígbà náà. Ó jinná tán, a tún un ṣe, ó di 0.8.

Dókítà Ẹran, Gáà Àkànbí: Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àìsàn mìíràn lè gbé e sókè. Ìyá Bíńgò, ó ní ohun tó ń kọ mí lóminú. Kìlò 12, míligíráàmù 0.12 ló yẹ kí wọ́n fún un. Nínú ìgò 4 mg/ml, ìyẹn jẹ́ 0.03 ml, sílíńjì wo ló fẹ́ wọn ìyẹn gún régé? Omi la fi ń là á sí 0.4 mg/ml, ká tó fa 0.3. Bí wọ́n bá fún un ní díẹ̀ jù, agbára rẹ̀ á tán kí wákàtí 8 tó pé, nọ́ńbà á sì gòkè bíi tiyín yìí. Ṣé wọ́n là á?

Ìyá Bíńgò, Tánkẹ̀: Dókítà, mi ò rí i kí wọ́n là á. Inú ìgò ni mo rí i tí wọ́n ti fà á tààrà, ìwọ̀n kékeré kan báyìí. Màá pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la.