Mo tẹ kóòdù àwọ̀ wa gẹ́lẹ́, àmọ́ àwọ̀ ewé mìíràn ni àwòrán ń gbé jáde

Ìyá Alágbọn, Badagry
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Epo àgbọn la ń ṣe níbí. Àwọ̀ ilé iṣẹ́ wa kò ju méjì lọ: àwọ̀ ewé tó ṣú, #0B5D4B, àti àwọ̀ wàrà àgbọn, #FFF1D6. Ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán ni mo fi ń ṣe ìpolówó. Lónìí, á gbé ewé tútù jáde; lọ́la, ewé gbígbẹ. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí lánàá bóyá ìgò ẹlòmíì ni. Ohun tí mo ń tẹ̀ nìyí:

```
bottle of coconut oil, #0B5D4B, #FFF1D6,
beach at sunset, woman smiling
```

Dàpọ̀
Mọ̀mí, kóòdù nìkan ti tó. Nọ́ńbà kì í parọ́, ọ̀rọ̀ ló ń da ẹ̀rọ láàmú. Ideogram lèmi ń lò, mo kàn ń yan àwọ̀ níbi tí wọ́n ti pèsè àyè fún un, ó sì máa ń bá mi mu.

Aláwòrán Àjárá
Dàpọ̀, ohun tó o sọ jẹ́ òótọ́ fún irú ẹ̀rọ tó ní àyè àwọ̀ lọ́tọ̀. Ibi ọ̀rọ̀ lásán ni Ìyá ń tẹ kóòdù sí. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń gé #0B5D4B sí wẹ́wẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí kò yé wọn, wọ́n á wá méfò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ bíi "bottle green" ti wà lára àìmọye àwòrán tí wọ́n fi kọ́ wọn.

Ìyá, ẹ wo kóòdù yín. Pupa inú rẹ̀ jẹ́ 11, àwọ̀ ewé 93, búlúù 75, nínú 255. Búlúù yẹn pọ̀, nítorí náà "green" lásán kò lè gbé e. Ẹ pè é ní àwọ̀ ewé jíjinlẹ̀ tó ní búlúù nínú, kí ẹ sì fi kóòdù tì í lẹ́yìn. Ìkejì, ẹ so àwọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ nǹkan tó ni ín. Bí ẹ ṣe tò wọ́n sílẹ̀ yẹn, aṣọ obìnrin náà lè gba àwọ̀ ìgò.

Ìkẹta ló ń pa yín lára jù: oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ní kí ó yà. Kò sí ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bà lé tí kì í pọ́n.

```
glass bottle with a deep bluish bottle-green label (#0B5D4B),
cream tablecloth (#FFF1D6), woman in plain white,
soft overcast daylight, neutral white balance
```

Alápátákó Ìkòròdú
Ohun tójú mi rí nìyí! Ẹni tó bá mi tẹ pátákó sọ búlúù mi di àwọ̀ eérú. Kí n yí kóòdù padà ni?

Aláwòrán Àjárá
Bọ̀dá, tiyín yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì ni ti ìtẹ̀wé, kò sì lè gbé gbogbo búlúù tó ń tàn lójú fóònù. Ẹ ní kí wọ́n tẹ kékeré wò kí ẹ tó sanwó.

Ìyá Alágbọn
Mo ti gbìyànjú rẹ̀ o! Mo fi irinṣẹ́ tó ń fa àwọ̀ wọn àwòrán méjèèjì. Ti àtijọ́ jẹ́ #4A6B2F, ti tuntun #125A4A.

Aláwòrán Àjárá
Ẹ wá rí i bí oòrùn yẹn ṣe ṣe é: pupa fò láti 11 sí 74, búlúù já láti 75 sí 47. Ti tuntun kò fi ju 7 yàtọ̀ níbì kankan, ojú oníbàárà kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibi mélòó lẹ wọ̀n? Ẹ wọn bí ibi márùn-ún, kí ẹ yẹra fún ibi tó ń dán àti ibi òjìji. Ibi dídán kan ṣoṣo lè tàn yín.

Bí ó bá gbọ́dọ̀ pé pérépéré, ẹ ní kí ó ya ìgò tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, kí ẹ fi lébẹ́ẹ̀lì tiyín lé e ní Canva, kóòdù á ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ níbẹ̀. Ìgò tó kọjú síwa nìkan ló máa ń bá a mu o. Tó bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dà bíi bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Dàpọ̀
Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kí ni kóòdù tún ń wá níbẹ̀? Èmi á yọ ọ́.

Aláwòrán Àjárá
Nínú àwọn ẹ̀rọ tuntun kan, mo ti rí i tó ràn mí lọ́wọ́. Nínú àwọn ti àtijọ́, ó tiẹ̀ ti kọ nọ́ńbà sára ìgò fún mi rí! Dán méjèèjì wò lórí tìrẹ.

Ìyá Alágbọn
Ẹ ṣeun gan-an. Àwọ̀ wàrà ló kù. Aṣọ tábìlì ń funfun bí ẹfun ṣáá.

Aláwòrán Àjárá
Ìyẹn ṣì ń yọ èmi náà lẹ́nu. Ó sún mọ́ funfun jù, ẹ̀rọ á kà á sí aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ bà lé. Mo máa ń ní kí ó fi àwo funfun sórí rẹ̀ kí ìyàtọ̀ lè hàn. Nígbà míì ó ń gbọ́, nígbà míì kò gbọ́.