Ọ̀rọ̀ mi gùn ju fídíò lọ: báwo ni kí n ṣe dín in kù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ tí a óò kà sórí fídíò ọjọ́ ọjà kan ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti gé fídíò náà tán, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi sì ti fọwọ́ sí i. Ibi tó ń dà mí láàmú bẹ̀rẹ̀ ní 0:32, ó sì parí ní 0:46. Ní 0:38 gan-an ni ìyá ẹlẹ́ja kan gbé ẹja àrọ̀ sókè. Ohun tí mo kọ gba ìṣẹ́jú àáyá 23, ìyá náà sì ti gbé ẹja sílẹ̀ kí n tó dárúkọ rẹ̀.

Èsì láti Ìkòròdú: Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ mú ohùn yín yára. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀.

Èsì láti Àgbádárìgì: Ẹ fa àwòrán náà gùn. Nígbà tí mo ṣe ti Ọjà Àgbálátà, ńṣe ni mo fi àwòrán ọkọ̀ ojú omi kún un.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n àwòrán náà kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́.

Èsì láti Ẹ̀pẹ́: Ìyára díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún ìṣẹ́jú àáyá 23 pọ̀ mọ́ 14, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò wọnú ara wọn, etí kò sì ní mọ ọ̀rọ̀ mọ́. Sílébù ni kí ẹ kà, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀. Èmi máa ń ka mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ẹ wọn tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 0:33, kí ojú kọ́kọ́ rí ọjà, kí ẹ sì fi orúkọ ẹja náà ṣe òpó tí gbolóhùn yóò dúró lé. Ẹ má sọ ohun tí àwòrán ti fi hàn. Ẹ wo èyí:

«Láti òru ni àwọn apẹja ti kó ọkọ̀ wọn dé. Ẹja àrọ̀ tútù rèé, oníbàárà kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kí oòrùn tó mú.»

Sílébù 18 ló ṣáájú «àrọ̀», ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀. Ìdánudúró lẹ́yìn «dé» gba ìdajì, ó sì di 0:38. Ìyókù jẹ́ 22, ohùn yín yóò sì dákẹ́ ní nǹkan bí 0:44, kí ariwo ọjà lè gba ìyókù.

Olùbéèrè: Mo kà á, «àrọ̀» sì yára dé díẹ̀.

Èsì láti Ẹ̀pẹ́: Ó dájú pé «làwọn» lẹ sọ, kì í ṣe «ni àwọn», sílébù kan sì ti sọnù. Èmi náà ni mo ṣe àṣìṣe: bó ṣe jáde lẹ́nu ló yẹ kí n kà á. Ẹ fi ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan kún ìdánudúró náà.

Èsì láti Ìkòròdú: Ṣé kò ní dára jù kí ẹ sọ «làwọn» kíákíá, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ kan fi dípò àlàfo náà? Ìdánudúró gígùn máa ń dà bí ẹni pé òǹkàwé gbàgbé ọ̀rọ̀.

Olùbéèrè: Màá gba ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ lálẹ́ yìí, kí n gbọ́ wọn pẹ̀lú ariwo ọjà lábẹ́ wọn.