Fọ́tò piọ́ wọ́tà tí mo yà láàárọ̀ yìí

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Ìbàdàn
Ẹ kú ojúmọ́ o. Bàágì 15 ni wọ́n já sílẹ̀ fún mi lánàá. Láàárọ̀ yìí, ọmọ kan ra ọ̀kan tó tutù, ó sì dá a padà, ó ní, "Mọ̀mí, omi yìí rú." Mo gbé e sókè, ó funfun bí omidùn, nǹkan wẹ́wẹ́ sì léfòó nínú rẹ̀. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó sọ tirẹ̀ fún mi, torí àwọn ọmọ iléèwé ló ń rà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá Rẹ̀mí
Omi tó bá tòrò dáa, èyí tó bá rú kò dáa. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù
Ọdún mẹ́fà ni mo fi dúró nídìí mẹ́ṣíìnì piọ́ wọ́tà. Mọ̀mí, ẹ má tíì da nǹkan kan nù. A ò lè fi fọ́tò yẹn mọ nǹkan kan, torí ọ̀rá náà ń làágùn. Ohun tó bá ti inú fíríìjì jáde, ìrì á bò ó, kámẹ́rà á sì rí ìrì yẹn bí ẹni pé omi ló rú.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ẹ jẹ́ kí òtútù lọ lára rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì pa fíláàṣì. Ibi tí wọn ò tẹ nǹkan sí ni kí ẹ yà, torí tàdáwà búlúù máa ń mú kí omi dà bíi pé ó láwọ̀. Ẹ wá dorí rẹ̀ kodò, ẹ ka ení dé ọgbọ̀n, ẹ tún un yà. Ohun tó bá wà lára ọ̀rá kò ní kúrò lójú kan. Ìfófó atẹ́gùn á gòkè. Ìdọ̀tí ní tirẹ̀ á máa rì tàbí kó máa rìn kiri.

Ìyàwó Ọlọ́jà
Tèmi kì í ṣe rírú o, òórùn ọ̀rá ni. Oòrùn ni wọ́n tò ó sí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ṣé fọ́tò lè fi ìyẹn hàn?

Ọmọ Ṣàgámù
Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn kó o kúrò lóòrùn.

Ìyá Àbíkẹ́
Bàbá Rẹ̀mí, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ tiyín. Omi tó tòrò bíi dígí ni ọmọ mi mu kí ìgbẹ́ gbuuru tó gbé e dé ọsibítù. Dókítà ò fọwọ́ sọ̀yà pé omi yẹn ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún mi pé ojú lásán kì í rí kòkòrò àrùn, àwọn kan sì máa ń tẹ ayédèrú nọ́ńbà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń se omi ọmọ mi títí á fi hó yaya.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù
Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo nu mẹ́wàá nínú bàágì kan náà. Nínú méje, kò sí nǹkan kan, omi tòrò. Ìrì ni lóòótọ́! Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ọmọ yẹn dá padà, àti nínú méjì mìíràn, nǹkan funfun bí òwú rì lọ sísàlẹ̀ nígbà tí mo dorí wọn kodò. Mo tún rí i pé etí òkè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hunjọ, ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí igun. Mo gbé wọn lé ìwé ìròyìn, mo fọwọ́ tẹ̀ wọ́n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, omi sì kán síbẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù
Ibi kan náà lára àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ó jọ pé ẹnu mẹ́ṣíìnì ló ti bẹ̀rẹ̀. Irin gbígbóná kan ló máa ń lẹ ọ̀rá pọ̀ tó sì ń gé e. Tí ọ̀rá bá hunjọ lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ kò ní lẹ̀ dáadáa. Tí iná rẹ̀ bá kéré, ẹ lè fi èékánná ṣí etí náà. Tó bá pọ̀ jù, etí á jóná, ihò tín-ń-tín á wà níbẹ̀. Ẹ sún mọ́ ibẹ̀ dáadáa, kí ẹ ya etí náà nìkan.

Ibi tí omi bá ń gbà jáde, ìdọ̀tí lè gbà á wọlé. Ẹ má ta àwọn mẹ́ta yẹn o.

Bàbá Rẹ̀mí
Òwú yẹn ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ara asẹ́ ló ti já?

Ọmọ Ṣàgámù
Ó lè jẹ́ asẹ́, ó lè jẹ́ èérún ọ̀rá. Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fi fọ́tò sọ ọ́.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù
Mo ti gbé bàágì yẹn sọ́tọ̀. Mo pe awakọ̀ tó já a, ó ní bí wọ́n ṣe tò ó sínú ọkọ̀ ló fà á.

Ọmọ Ṣàgámù
Tó bá jẹ́ títò ni, ó ṣòro kí ojú ibi tó bẹ́ bára mu báyìí. Ẹ ṣí bàágì kejì, kí ẹ wo igun kan náà. Ẹ tọ́jú àwọn mẹ́ta yẹn láì ṣí wọn, kí ẹ sì ya nọ́ńbà ara wọn kó hàn kedere, kí ẹ tó pe ilé omi náà.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù
Mo ń ṣí i lọ́wọ́. Ẹ dúró dè mí.